Íìṣì-wéè lórí eré ẹṣin: ipò mẹ́rin pẹ̀lú 1/4, àbí ipò mẹ́fà pẹ̀lú 1/5?

Bí oṣù kẹrin bá ti dé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí kì í ta tẹ́tẹ́ láti ọdún dé ọdún náà a máa yà sí ilé tẹ́tẹ́ nítorí Grand National, eré ẹṣin tí wọ́n ń sá ní Aintree, nítòsí Liverpool. Kálukú á mú ẹṣin tí orúkọ rẹ̀ dùn mọ́ ọn, á na owó sí kàṣíà, kàṣíà á sì bi í bóyá wíìnì ló fẹ́ àbí íìṣì-wéè. Ọ̀pọ̀ á ní íìṣì-wéè, torí wọ́n ti gbọ́ pé bí ẹṣin ò bá tiẹ̀ gba ipò kìíní, owó ṣì lè bọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iye tó máa bọ̀ kò dọ́gba láti ilé tẹ́tẹ́ kan sí òmíràn, kódà lórí ẹṣin kan náà tó gba ipò kan náà. Ohun méjì tí wọ́n ń kọ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ sábẹ́ orúkọ eré náà ló ń fa ìyàtọ̀: iye ipò tí wọ́n máa sanwó fún, àti ìdá tí wọ́n máa san nínú ọ́ọ̀dì.

Mo fẹ́ fi ọ̀nà mẹ́rin wéra níbí: wíìnì nìkan, íìṣì-wéè tó ń san 1/4 fún ipò mẹ́rin, íìṣì-wéè tó ń san 1/5 fún ipò mẹ́fà, àti owó pléèsì ti Tote, níbi tí wọ́n ti ń kó owó gbogbo oníbàárà jọ kí wọ́n tó pín in. Ká tó dé ibẹ̀, ó yẹ ká mọ ohun tí à ń rà gan-an.

Tẹ́tẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀

Íìṣì-wéè £5 kì í ṣe £5. £10 ni. Nígbà tẹ́ ẹ bá kọ £5 E/W sórí tíkẹ́ẹ̀tì, tẹ́tẹ́ méjì lẹ ta lẹ́ẹ̀kan náà. £5 àkọ́kọ́ wà lórí pé ẹṣin náà máa gba ipò kìíní. £5 kejì, tí wọ́n ń pè ní pléèsì, wà lórí pé ó máa bọ́ sínú àwọn ipò tí wọ́n máa sanwó fún, bí ipò kìíní títí dé ìkẹrin. Ọ́ọ̀dì tẹ́ ẹ rí lójú sìkírìnnì, ti wíìnì ni. Ti pléèsì kò ní ọ́ọ̀dì tirẹ̀. Ìdá kan nínú ọ́ọ̀dì wíìnì ni wọ́n gé fún un, 1/4 tàbí 1/5.

Ká ní ọ́ọ̀dì jẹ́ 20/1. Ìyẹn ni pé £1 yóò mú èrè £20 wá, a ó sì dá £1 náà padà. Bí ìdá bá jẹ́ 1/4, pléèsì ń san 5/1. Bó bá jẹ́ 1/5, ó ń san 4/1. Bí ẹṣin bá gba ipò kìíní, apá méjèèjì jẹ. Bó bá gba ipò kejì tàbí ìkẹta, apá wíìnì ti ṣègbé pátápátá, apá pléèsì nìkan ló kù tó máa sanwó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn: wọ́n rò pé "ẹṣin mi wọlé" àti "mo jẹ" jẹ́ ohun kan náà. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ nídìí káńtà ilé tẹ́tẹ́ kan ní gúúsù London, bàbá kan ta íìṣì-wéè £10 lórí ẹṣin tí ọ́ọ̀dì rẹ̀ jẹ́ 3/1, nínú eré tí ẹṣin mẹ́fà péré ń sá. Ẹṣin náà ṣe ipò kejì. Mo ka £17.50 fún wọn.

"Ọmọ mi, tún owó yìí kà. Ẹṣin mi wọlé, kí ló dé tó fi dín?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. £20 lẹ fi ta á. £10 wíìnì ti lọ. Pléèsì ló jẹ: 3/1 tí a pín sí mẹ́rin jẹ́ £7.50, pẹ̀lú £10 yín tó padà."

"Èló wá ni mo jẹ nínú ẹ̀?"

"Ẹ ò jẹ, sà. £2.50 ti bọ́."

Wọ́n wo tíkẹ́ẹ̀tì náà síwá sẹ́yìn, wọ́n ní kí n máà jẹ́ káwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́. Ìṣirò tó wà níbẹ̀ kò le. Bí ìdá bá jẹ́ 1/4, ọ́ọ̀dì 4/1 ni ibi tí owó ti ń dọ́gba: £5 lórí pléèsì yóò mú £10 wá, ìyẹn gbogbo owó tẹ́ ẹ fi lélẹ̀. Bí ìdá bá jẹ́ 1/5, 5/1 ni. Ẹṣin tí ọ́ọ̀dì rẹ̀ bá kéré sí èyí, ó lè ṣe ipò kejì kí ẹ sì tún pàdánù. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń ta íìṣì-wéè lórí ẹṣin 2/1 ń san owó fún ìfọ̀kànbalẹ̀ tí kò sí níbẹ̀.

Ohun tí màá fi wọ̀n wọ́n

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò. Àkọ́kọ́ ni iye ẹṣin tó ń sá sí iye ipò tí wọ́n ń sanwó fún. Èkejì ni ìdá náà, àti iye tí apá pléèsì máa san bí a bá dá a wò lọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta ni ọ́ọ̀dì wíìnì fúnra rẹ̀, torí ilé tẹ́tẹ́ tó bá fi ipò kún un lè ti gé ọ́ọ̀dì kù láti fi dí i.

Ìlànà kan wà tí ọ̀pọ̀ ilé tẹ́tẹ́ ní Britain ń tẹ̀ lé bí wọn ò bá sọ ohun mìíràn. Bí ẹṣin ò bá ju mẹ́rin lọ, wíìnì nìkan ni. Láti márùn-ún sí méje, ipò méjì ni wọ́n ń sanwó fún, pẹ̀lú 1/4. Láti mẹ́jọ sókè, ipò mẹ́ta pẹ̀lú 1/5. Hándíkáàpù ló yàtọ̀, ìyẹn eré tí wọ́n ti ń di ẹrù ìwọ̀n lé ẹṣin tó lágbára jù kí gbogbo wọn lè bá ara wọn dọ́gba. Bí ẹṣin bá jẹ́ 12 sí 15 nínú hándíkáàpù, ipò mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n ìdá náà á di 1/4. Bó bá jẹ́ 16 sókè, ipò mẹ́rin pẹ̀lú 1/4.

Grand National jẹ́ hándíkáàpù. Láti ọdún 2024, ẹṣin 34 ni wọ́n ń gbà láyè jù lọ. 40 ni tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ipò mẹ́rin pẹ̀lú 1/4 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ nítorí pé gbogbo ilé tẹ́tẹ́ ló ń du oníbàárà lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ wọn máa ń kéde ipò márùn-ún, mẹ́fà, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n á sì sọ ìdá di 1/5. Ipò tí wọ́n fi kún un ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà. Ìdá tó kéré sí i kì í hàn bẹ́ẹ̀.

Ká má bàa máa fi àfẹnusọ ṣe é, ẹ jẹ́ ká mú Grand National ọdún 2022. Noble Yeats ló gba ipò kìíní pẹ̀lú 50/1. Sam Waley-Cohen ló gùn ún, ọkùnrin tí kì í fi ẹṣin gígùn ṣe iṣẹ́ òòjọ́, eré ìkẹyìn rẹ̀ sì ni. Ẹṣin ọlọ́dún méje ni Noble Yeats nígbà náà, láti ọdún 1940 kò sì sí ẹṣin ọlọ́dún méje kankan tó ti gba eré náà. Mo fi owó £10 kan náà lé àwọn tó gba ipò kìíní dé ìkẹfà, lórí ọ́ọ̀dì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ eré, èyí tí wọ́n ń kọ ní SP. Iye tó wà nínú àtẹ yìí ni gbogbo owó tí kàṣíà máa kà sílẹ̀, owó tẹ́tẹ́ wà nínú rẹ̀.

| Ipò | Ẹṣin | SP | Wíìnì £10 | £5 E/W, 1/4, ipò 4 | £5 E/W, 1/5, ipò 6 |
|---|---|---|---|---|---|
| 1 | Noble Yeats | 50/1 | £510 | £322.50 | £310 |
| 2 | Any Second Now | 15/2 | 0 | £14.37 | £12.50 |
| 3 | Delta Work | 10/1 | 0 | £17.50 | £15 |
| 4 | Santini | 33/1 | 0 | £46.25 | £38 |
| 5 | Fiddlerontheroof | 12/1 | 0 | 0 | £17 |
| 6 | Longhouse Poet | 12/1 | 0 | 0 | £17 |

Wíìnì nìkan

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́. Ẹni tó fi gbogbo £10 rẹ̀ sórí wíìnì gba £510. Ẹni tó pín in sí méjì gba £322.50 tàbí £310. Nǹkan bí £190 ló ná ẹni kejì láti fi ra ààbò tí kò padà nílò. Ìlà márùn-ún tó kù, òdo ni fún oníwíìnì.

Wíìnì kò ní wàhálà ìdá, kò ní wàhálà ipò, kò sì sí ilé tẹ́tẹ́ tó lè fi ohun mìíràn fà yín lójú mọ́ra lórí rẹ̀ ju ọ́ọ̀dì lọ. Bí ọ́ọ̀dì bá wà lábẹ́ 4/1, n kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì: wíìnì ni, tàbí kí n fi sílẹ̀. Inú eré tí ẹṣin rẹ̀ kéré, bí márùn-ún tàbí mẹ́fà, náà ni mo ti máa ń yàn án, torí ipò méjì péré ni wọ́n ń sanwó fún níbẹ̀, ẹṣin tó lágbára ló sì sábà máa ń gbà á.

Íìṣì-wéè, 1/4, ipò mẹ́rin

Èyí ni àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ fẹ́ràn, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Inú hándíkáàpù tí ẹṣin 16 tàbí 17 bá ń sá, ipò mẹ́rin jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ẹṣin tó wà níbẹ̀, ìdá tí wọ́n sì ń san kò tíì kéré. Kò sí ibòmíràn tí ìlànà lásán, láìsí ẹ̀bùn kankan, ti ń ṣojú rere sí oníbàárà tó báyìí.

Santini ni àpẹẹrẹ tó dáa jù nínú àtẹ yẹn. 33/1, ipò kẹrin, ẹni tó fi £10 ta á gba £46.25, èrè £36.25. Lójú ẹni tó ta wíìnì, ẹṣin kan náà ò níye lórí rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo Any Second Now, tó jẹ́ ẹṣin tí owó pọ̀ lórí rẹ̀ jù lọ́jọ́ náà. Ó ṣe ipò kejì nínú ẹṣin 40, ó fo ìdènà 30, ó sáré tó ju máìlì mẹ́rin lọ, èrè tó mú wá fún oní-£10 kò sì tó £5. Ẹṣin tó sún mọ́ ipò kìíní jù lọ san owó tó kéré jù lọ. Ọ́ọ̀dì ló fà á, kì í ṣe ipò. Íìṣì-wéè dùn lórí ẹṣin tí ọ́ọ̀dì rẹ̀ ga. Lórí ẹṣin tí ayé ń ta sí, ó kàn ń gé èrè wíìnì yín sí méjì ni.

Ohun tó burú nínú ọ̀nà yìí ni pé etí bèbè ló wà. Bí ẹṣin 16 bá wà lórí ìwé, tí wọ́n sì yọ ọ̀kan kúrò láàárọ̀ ọjọ́ eré torí ẹsẹ̀ ń dùn ún tàbí torí ilẹ̀ ti le jù fún un, ẹṣin 15 ló kù. Ipò kẹrin ti lọ nìyẹn. Iye ẹṣin tó bẹ̀rẹ̀ eré gan-an ni ìlànà náà ń wò, kì í ṣe iye tó wà nígbà tẹ́ ẹ ta tẹ́tẹ́, àfi bí ilé tẹ́tẹ́ bá kọ ọ́ pé òun á san ipò tí òun kéde láìka iye tó kù sí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún eré ẹlẹ́ṣin mẹ́jọ: bí ọ̀kan bá yẹ̀ ẹ́, ipò mẹ́ta á di méjì. Ìdá á kúrò ní 1/5 lọ sí 1/4 lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí ẹṣin rẹ̀ ṣe ipò kẹta, ìdá tó pọ̀ sí i kò kàn án mọ́. Nítorí náà, eré tó bá ní ẹṣin 18 tàbí 19 lórí ìwé tù mí lára ju èyí tó ní 16 géérégé lọ.

Bí wọ́n bá yọ ẹṣin kúrò lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gba ọ́ọ̀dì, àyọkúrò tún lè wà lórí èrè yín, torí eré náà ti rọrùn fún àwọn tó kù. Rule 4 ni wọ́n ń kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ọ́ọ̀dì ẹṣin tó yọ bá jẹ́ 4/1, 20 pẹ́ńsì ni wọ́n á gé nínú £1 èrè kọ̀ọ̀kan, nínú wíìnì àti nínú pléèsì. Bó bá ju 14/1 lọ, wọn ò ní gé nǹkan kan. Wọn kì í fọwọ́ kan owó tẹ́tẹ́ yín.

Íìṣì-wéè, 1/5, ipò mẹ́fà

Ibí lọ̀rọ̀ ti gba àròjinlẹ̀. Wọ́n fún yín ní ipò méjì sí i, wọ́n sì gba díẹ̀ nínú ìdá. Ṣé a jèrè àbí a pàdánù?

Ẹ dá apá pléèsì wò. Lórí ẹṣin 20/1, £1 pẹ̀lú 1/4 yóò mú £6 wá bó bá wọlé, £1 pẹ̀lú 1/5 yóò mú £5 wá. Kí ọ̀nà kejì tó bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, ẹṣin náà ní láti máa wọlé ní ìgbà mẹ́fà níbi tí ti àkọ́kọ́ ti ń wọlé ní ìgbà márùn-ún. Ìyẹn ni pé ipò tí wọ́n fi kún un gbọ́dọ̀ fi ìdá kan nínú márùn-ún kún àǹfààní rẹ̀, ó kéré tán. Bí gbogbo ẹṣin bá dọ́gba, láti ipò mẹ́rin sí mẹ́fà jẹ́ ìdajì sí i. Ó ju ohun tí a nílò lọ dáadáa. Bí a bá tiẹ̀ gbà pé ẹṣin kò dọ́gba, tí ẹṣin tó lágbára kì í fi bẹ́ẹ̀ jàǹfààní ipò karùn-ún àti ìkẹfà, ọwọ́ oníbàárà ṣì lòkè. Lọ́dún 2022, ìyàtọ̀ yẹn ni £17 tí ẹni tó ta Fiddlerontheroof tàbí Longhouse Poet gbà, níbi tí ẹni tó yan ipò mẹ́rin ti lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó ta Santini sì pàdánù £8.25 péré nítorí 1/5.

Ipò márùn-ún pẹ̀lú 1/5 ni ẹ fura sí. Láti mẹ́rin sí márùn-ún, bí gbogbo ẹṣin bá dọ́gba, ìdá kan nínú mẹ́rin ló fi kún àǹfààní yín. Lórí ẹṣin 33/1, ohun tí ìdá tó kéré gbà lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyẹn náà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á pè é ní ẹ̀bùn, wọ́n á fi àwọ̀ pupa kọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kàn mú owó láti àpò òsì yín lọ sí ti ọ̀tún ni. Bó bá jẹ́ èyí ló wà nílẹ̀, ọ́ọ̀dì wíìnì ni kẹ́ ẹ fi yàn.

Ọ́ọ̀dì wíìnì yìí ló sì lè ba ipò mẹ́fà náà jẹ́. Ká ní ilé tẹ́tẹ́ kan ń san 33/1 pẹ̀lú 1/4 fún ipò mẹ́rin, tí òdìkejì títì ń san 28/1 pẹ̀lú 1/5 fún ipò mẹ́fà lórí ẹṣin kan náà. £5 E/W lẹ fẹ́ ta. Bó bá gba ipò kìíní, ti àkọ́kọ́ mú £216.25 wá, ti èkejì mú £178. Bó bá wà láàárín ipò kejì sí ìkẹrin, £46.25 sí £33. Ipò karùn-ún tàbí ìkẹfà, òdo sí £33. Níbi tó dé yìí, ìdá nìkan kọ́ lẹ fi sílẹ̀ mọ́, £38.25 ni ẹ fi ń ra ipò méjì yẹn bí ẹṣin bá jáwé olúborí. Bó bá jẹ́ pé ẹ gbà tọkàntọkàn pé ẹṣin yín lè gba ipò kìíní, ẹ dúró ti 33/1. Bó bá jẹ́ ẹṣin tó dúró ṣinṣin, tí kì í ṣubú, ṣùgbọ́n tí kò yára tó láti lé ẹni iwájú bá, ipò mẹ́fà ló bá a mu.

Ẹṣin méjì tún lè dé lẹ́ẹ̀kan náà ní ipò ìkẹyìn tí wọ́n ń sanwó fún. Owó tẹ́ ẹ fi ta pléèsì ni wọ́n á pín sí méjì, kì í ṣe ọ́ọ̀dì. Bí Santini àti ẹṣin mìíràn bá jọ ṣe ipò kẹrin, níbi tí ipò mẹ́rin ti gbowó, £2.50 nìkan ni wọ́n á kà sí tẹ́tẹ́ tó jẹ, yóò sì mú £23.12 wá dípò £46.25. Ẹni tó ní ipò mẹ́fà kò ní wàhálà yìí níbẹ̀, torí ipò kẹrin àti ìkarùn-ún ló gbà pọ̀, méjèèjì sì wà nínú ohun tí wọ́n ń sanwó fún.

Pléèsì ti Tote

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Tote kì í fún yín ní ọ́ọ̀dì. Gbogbo owó tí àwọn èèyàn ta sórí pléèsì ni wọ́n kó jọ, wọ́n yọ ti ilé, wọ́n pín ìyókù fún àwọn tí ẹṣin wọn wọlé. Ẹ lè ta pléèsì nìkan láìfi kọ́bọ̀ sórí wíìnì, ìyẹn ló sì dáa nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò gbà pé ẹṣin rẹ̀ lè gba ipò kìíní. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹ ò ní mọ iye tó máa san títí eré á fi parí. Bí ẹṣin tí ẹnikẹ́ni ò kà sí bá wọlé, owó náà lè ga ju ti 1/4 lọ. Bí àwọn tí owó pọ̀ lórí wọn bá kún àwọn ipò náà, á kéré gan-an.

Eré kan tí ìdá náà ti ń ṣe àṣìṣe

Ibì kan wà tí mo ní láti yà sí, torí ibẹ̀ ni èèyàn ti ń rí bí ìdá yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ rántí pé pléèsì kò ní ọ́ọ̀dì tirẹ̀, inú ti wíìnì ni wọ́n ti ń gé e. Bí ẹṣin kan bá wá lágbára ju gbogbo wọn lọ nínú eré ẹlẹ́ṣin mẹ́jọ, tí ọ́ọ̀dì rẹ̀ jẹ́ 4/7, ọ́ọ̀dì wíìnì àwọn méje tó kù á gbéra sókè, torí ìrètí pé wọ́n á borí rẹ̀ kò pọ̀. Ẹṣin kejì nínú agbára lè wà ní 5/1. Ṣùgbọ́n fún ipò mẹ́ta, ọ̀kan péré ni ẹṣin alágbára yẹn lè gbà. Méjì ṣì ṣófo, ẹṣin tiyín ló sì dáa jù nínú àwọn tó kù. 1/5 ti 5/1 jẹ́ 1/1: bó bá ṣe ipò kejì tàbí ìkẹta, £10 yín á padà pé pérépéré, bí ẹṣin alágbára bá kọsẹ̀ tí tiyín sì borí, £40 ni. Àwọn ilé tẹ́tẹ́ mọ̀ nípa èyí dáadáa. Oníbàárà tó bá ń wá irú eré bẹ́ẹ̀ kiri lójoojúmọ́, wọ́n máa ń dín iye owó tí wọ́n á gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kù.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tí ẹṣin rẹ̀ wà lábẹ́ 4/1, tàbí tí eré náà kò ní ju ẹṣin méje lọ, kó mú wíìnì. Ẹni tó ń ta hándíkáàpù ọjọ́ Sátidé lásán, níbi tí ẹṣin tó ń sá ti ju 16 lọ, kó mú 1/4 pẹ̀lú ipò mẹ́rin, kó sì wá ọ́ọ̀dì láti 10/1 lọ sókè. Ọjọ́ Grand National, níbi tí ẹṣin ti pọ̀ tó 30 lé, ipò mẹ́fà pẹ̀lú 1/5 ni màá kọ́kọ́ wá, bí wọn ò bá ti gé ọ́ọ̀dì rẹ̀ jù. Tote wà fún ẹni tó fẹ́ pléèsì nìkan tí kò sì bìkítà láti mọ iye rẹ̀ ṣáájú.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ta ti Grand National láti oṣù kejì, nígbà tí ọ́ọ̀dì ṣì ga, kó mọ̀ pé lábẹ́ ìlànà tẹ́tẹ́ àtàsílẹ̀, bí ẹṣin náà kò bá sá rárá, owó méjèèjì ti lọ nìyẹn, ti wíìnì àti ti pléèsì, kò sí àdápadà. NRNB ni kó wò fún lójú sìkírìnnì kó tó tẹ̀ ẹ́: ibi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí, wọ́n á dá owó padà bí ẹṣin kò bá dé Aintree. Ọ́ọ̀dì níbẹ̀ sábà máa ń kéré díẹ̀. Lórí ẹṣin tí wọn ò tíì sọ bóyá ó máa sá, mo rò pé ó tó bẹ́ẹ̀.